Ẹ̀jẹ̀ Ìyá, Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ: Ohun Tó Yẹ Kí Tọkọtaya Mọ̀ Nípa Rísọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà obìnrin máa ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ládùúgbò. Wọ́n á ní, "Àkọ́bí rẹ̀ nìkan ló dúró." Ìyàwó ilé bí àkọ́bí rẹ̀ láìsí wàhálà kankan, ọmọ náà dàgbà, ó ń sáré lọ sí ilé kéú. Oyún kejì dé. Ojú ọmọ náà pọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an, kò mu ọmú, ó sì kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Ẹ̀kẹta kú sínú ìyá rẹ̀ ní oṣù keje, ara rẹ̀ wú. Nígbà tó bá dé ibẹ̀ yẹn, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: àwọn kan á ní àbíkú ni, àwọn kan á ní orogún ló wà nídìí ẹ̀, àwọn mìíràn á ní kí ọkọ fẹ́ ẹlòmíràn.

Kì í ṣe ìdí kan ṣoṣo ló máa ń fa irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n tí àkọ́bí bá yè tí àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń kú tẹ̀léra lọ́nà yìí, ohun kan wà tí dókítà máa ń kọ́kọ́ béèrè: irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ìyá ní? Kì í ṣe A tàbí B tàbí O nìkan ló ń béèrè. Ó ń béèrè nípa ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n máa ń kọ sí ìparí rẹ̀ lórí káàdì, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò lẹ́ẹ̀mejì: "Pos" tàbí "Neg". Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni Rísọ́ọ̀sì, òun la sì fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Kí ni Rísọ́ọ̀sì?

Ẹ̀jẹ̀ wa kún fún hóró pupa tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Lára awọ òde hóró kọ̀ọ̀kan ni àwọn àmì kan wà, bí ìlà ojú tí a fi ń dá ọmọ ìlú kan mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ ìlú mìíràn. Àmì A àti àmì B ló ń sọ ẹni di A, B, AB tàbí O. Àmì kan tún wà lọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní D. Ẹni tí ó bá ní àmì D lára hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Rísọ́ọ̀sì pọ́sítíìfù. Ẹni tí kò bá ní in ni Rísọ́ọ̀sì nẹ́gẹ́tíìfù. Nítorí náà, tí káàdì yín bá kọ "O Rh D Pos" tàbí "O+", ẹ ní àmì D. Tí ó bá kọ "O Rh D Neg" tàbí "O-", ẹ kò ní in.

Àìní àmì yìí kì í ṣe àìsàn. Kò dín agbára kù, kò sì ní kí ẹ̀jẹ̀ má tó. Ní Nàìjíríà, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bíi márùn-ún péré ni nẹ́gẹ́tíìfù. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ní Yúróòpù, wọ́n tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọn kò ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìdílé má gbọ́ nípa rẹ̀ rí títí ó fi kàn wọ́n.

Orúkọ ọ̀bọ kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní ọdún 1939, dókítà méjì ní Niú Yọ́ọ̀kì, Philip Levine àti Rufus Stetson, kọ ìròyìn nípa obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú sínú. Nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ sí i lára, ara rẹ̀ kọ ẹ̀jẹ̀ náà kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ sì ni O ni tọkọtaya náà jọ jẹ́. Wọ́n rí i pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ, tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tí ara ìyá kò gbà. Ní ọdún kejì, Karl Landsteiner àti Alexander Wiener fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ Rísọ́ọ̀sì ṣe ìwádìí tiwọn, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀bọ náà pe àmì tí wọ́n rí. Láti ìgbà náà ni orúkọ ti mọ́ ọn lára.

Bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ọmọ máa ń jogún nǹkan méjì nípa àmì D: ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti gbé D wá, ọmọ náà di pọ́sítíìfù. Nítorí náà, ìyá tí kò ní D lè lóyún ọmọ tí ó ní D, bí bàbá bá ní in. Tí bàbá bá gba D lápá ọ̀tún àti lápá òsì, gbogbo ọmọ tí ó bá bí ni yóò jẹ́ pọ́sítíìfù. Tí ó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ti gbà á, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sí ibi yìí tàbí ibi yẹn, bí ẹni sọ owó ẹyọ sókè. Tí bàbá àti ìyá bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kò sí ewu kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé nẹ́gẹ́tíìfù ni gbogbo ọmọ wọn yóò jẹ́.

Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í dà pọ̀. Ibi ọmọ ló wà láàárín wọn bí ògiri tí ó ní fèrèsé kékeré: oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n hóró ẹ̀jẹ̀ dúró síbi tirẹ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ ìbímọ, nígbà tí ibi ń já kúrò lára ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ díẹ̀ máa ń ta sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Kì í sábà pọ̀. Bí ẹ̀kán mélòó kan péré bá wọlé, ó tó láti dá wàhálà sílẹ̀.

Ara ìyá tí kò ní àmì D kò rí irú hóró bẹ́ẹ̀ rí. Ó kà á sí àlejò tí kò mọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọ ogun tí yóò máa pa á. Ìwọ̀nyí ni ọmọ ogun ara, irú èyí tí ara fi ń bá kòkòrò àìsàn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní oṣù mélòó kan, ni ara máa ń lò kí ọmọ ogun náà tó gbilẹ̀. Lákòókò yẹn, wọ́n ti bí ọmọ náà tipẹ́, ó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìdí nìyí tí àkọ́bí fi máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó burú ni pé ara kì í gbàgbé. Tí oyún mìíràn bá dé, tí ọmọ inú rẹ̀ tún ní àmì D, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó bá ta sínú ìyá máa ń jí àwọn ọmọ ogun náà dìde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà yìí wọ́n pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì kéré ní ìwọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè gba fèrèsé ibi ọmọ kọjá. Wọ́n wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n sì ń ba hóró pupa rẹ̀ jẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí oyún ṣe ń pọ̀ sí i ni ìjà náà sábà máa ń le sí i, tó sì ń tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìbímọ nìkan kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ fi ń wọ ara ìyá. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí oyún bá bàjẹ́, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ́ oyún, nígbà tí oyún bá dúró síbi tí kì í ṣe ilé ọmọ, nígbà tí aláboyún bá ń rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó bá ṣubú tàbí tí nǹkan gbá a níkùn. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ láìsí oyún rárá, bí wọ́n bá ṣèèṣì fa ẹ̀jẹ̀ pọ́sítíìfù sí obìnrin nẹ́gẹ́tíìfù lára. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe fi ọkàn balẹ̀ nítorí pé "àkọ́bí ni." Obìnrin tí oyún rẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà kan rí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni lè ti ní ọmọ ogun náà nínú ara rẹ̀ kí ó tó lóyún èyí tí gbogbo ayé ń pè ní àkọ́bí.

Ohun tó ń ṣe ọmọ

Nígbà tí hóró pupa bá ń bàjẹ́, nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Èkíní, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tó mọ́. Ọkàn rẹ̀ ń sáré, ẹ̀dọ̀ àti ọlọ́ inú rẹ̀ ń wú níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti ṣe ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Tí ó bá le, omi á gbá jọ sí ikùn, àyà àti abẹ́ awọ rẹ̀, ara rẹ̀ á wú, ó sì lè kú sínú.

Èkejì, hóró tó bàjẹ́ máa ń tú ohun pupa rúsúrúsú kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bilirúbììnì. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ara ìyá ń bá a kó o dànù, nítorí náà wọ́n lè bí ọmọ náà láìsí àpẹẹrẹ ibà pọ́njú lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kété tí wọ́n bá gé ìwọ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ ló kù, kò sì tíì lágbára tó. Ohun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ, ojú àti awọ á pọ́n. Tí ó bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tí ó bá yè lẹ́yìn èyí lè di adití, tàbí kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa lọ́ láìgbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ojú wọn máa ń pọ́n díẹ̀ láti ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí ó sì máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ojú tó bá pọ́n kí wákàtí 24 àkọ́kọ́ tó pé kì í ṣe nǹkan kékeré rí. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ẹ wo funfun ojú rẹ̀, ẹ wo èrìgì rẹ̀, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ẹ sì fi ìka tẹ ṣóńṣó imú rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ rí àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí kò mu ọmú, tí ó ń sùn jù, tí ẹkún rẹ̀ ń han gooro, tàbí tí ó ń na ẹ̀yìn bí ọrun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbígbé e sí oòrùn àárọ̀ tàbí fífún un ní omi gúlúkóòsì kò lè dá èyí dúró.

Nǹkan mìíràn tún lè fa ibà pọ́njú ọmọ tuntun yàtọ̀ sí Rísọ́ọ̀sì. Kòkòrò àìsàn lè fà á. Àìbáradọ́gba láàárín O ìyá àti A tàbí B ọmọ lè fà á. Káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ náà máa ń bá ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Abẹ́rẹ́ Áńtí-D

Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dènà gbogbo èyí. Áńtí-D ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ogun ara tó ti wà ní sẹpẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ìyá ì bá ṣe fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gún un sí ìyá lára, ó ń wá hóró ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ta wọlé, ó sì ń palẹ̀ wọn mọ́ kí ara ìyá tó fura pé àlejò kan wọlé. Bí ara ìyá kò bá rí wọn, kò ní kọ́ bí a ṣe ń bá wọn jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ ogun tí wọ́n yá a á tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara á sì padà sí bó ṣe wà. Nítorí pé ó ń tán ni a fi gbọ́dọ̀ gbà á nínú oyún kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ oníṣègùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ronú kàn án nígbà kan náà: Cyril Clarke, Ronald Finn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Vincent Freda, John Gorman àti William Pollack ní Amẹ́ríkà. Àwọn ti Amẹ́ríkà dán an wò lára àwọn ọkùnrin ẹlẹ́wọ̀n tó yọ̀ǹda ara wọn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Sing Sing. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin nẹ́gẹ́tíìfù náà ní hóró ẹ̀jẹ̀ pọ́sítíìfù, wọ́n sì fi Áńtí-D dáàbò bo àwọn kan nínú wọn. Àwọn tó gba Áńtí-D kò ṣe ọmọ ogun. Àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé lójoojúmọ́, nítorí náà wákàtí 72 ni wọ́n fi sáàárín gbígbà ẹ̀jẹ̀ àti gbígbà abẹ́rẹ́. Ó ṣiṣẹ́, òǹkà náà sì mọ́ ọn lára di òní: kí ìyá gba abẹ́rẹ́ náà kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Ní ọdún 1968 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún títà.

Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ti ẹranko kankan. Láti ara omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní ọmọ ogun yìí púpọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí àìsàn má bàa bá a lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ayé mọ̀ jù ni James Harrison ti Ọsirélíà. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún un ní àyà, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí ló sì gbé e ró. Ó ṣèlérí pé òun náà yóò máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ó sì dáwọ́ dúró ní 2018 nígbà tó pé ọmọ ọdún 81, lẹ́yìn tó ti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ìgbà 1,173. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2025. Àìmọye aláboyún ní Ọsirélíà ló gba abẹ́rẹ́ tó ti ara rẹ̀ jáde.

Kí ni agbára abẹ́rẹ́ yìí? Láìsí i, nínú ọgọ́rùn-ún ìyá nẹ́gẹ́tíìfù tó bí ọmọ pọ́sítíìfù tí ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu ní ti A, B àti O, nǹkan bíi mẹ́rìndínlógún ni ara wọn yóò ṣe ọmọ ogun. Tí wọ́n bá gbà á lẹ́yìn ìbímọ nìkan, wọn kò ní ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Tí wọ́n bá tún gba ọ̀kan nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 28, wọn kò ní tó ẹyọ kan.

Bí nǹkan ṣe yẹ kó lọ: àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo tọkọtaya kan. Ìyàwó lóyún àkọ́kọ́, ó sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 12. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Káàdì jáde: "O Rh D Neg". Nọ́ọ̀sì fi gègé pupa fa ìlà sí i lábẹ́, ó sì ní kí ọkọ wá ṣe àyẹ̀wò. Tí ọkọ bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ "O Rh D Pos" ni.

Wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò kejì fún ìyàwó, èyí tí wọ́n ń pè ní Kúúmùsì, láti wò ó bóyá ọmọ ogun ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé Áńtí-D kò lè lé ọmọ ogun tó ti wà nílẹ̀ kúrò. Ẹni tí kò tíì ní in ló ń dáàbò bò.

Ní ọ̀sẹ̀ 28, ìyẹn nígbà tí oyún wọ oṣù keje, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún Kúúmùsì, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gún abẹ́rẹ́ Áńtí-D sí i ní ẹran apá. Ẹ kíyè sí bó ṣe tẹ̀léra: ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ ṣáájú, Kúúmùsì á sọ pé ọmọ ogun wà, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún sí i ló rí. Ìwọ̀n tí wọ́n fún un ni máíkírógíráàmù 300. Lórí ìgò àwọn kan, 1500 IU ni wọ́n kọ sí i; ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ní ọ̀sẹ̀ 33, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ikùn gbá lẹ̀, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Kò jókòó sílé máa wò ó. Wọ́n yẹ ọmọ wò, ó wà láàyè, wọ́n sì tún fún ìyá ní Áńtí-D kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba ti ọ̀sẹ̀ 28. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí bí oyún bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12. Bí ó bá bàjẹ́ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 12, ọwọ́ dókítà ni ìpinnu wà, nítorí pé ìlànà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ti ìyá ni pé kí ó lọ sọ fún wọn.

Ó bímọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la. Agbẹ̀bí gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti inú okùn ìwọ́ lápá ibi ọmọ, kò gún ọmọ rárá. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n fi mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ní, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, àti bóyá ọmọ ogun ìyá ti lẹ̀ mọ́ hóró rẹ̀. Ọmọ náà jẹ́ "O Rh D Pos", ara rẹ̀ le. Tí ó bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù ni, ìyá kò ní nílò abẹ́rẹ́ mìíràn. Ní báyìí, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà: agogo mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni wákàtí 72 yóò pé.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí wọ́n, kì í sì í sí ní gbogbo ilé egbòogi. Ọjọ́ ọdún ni, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ti ti ilẹ̀kùn. Ilé àyẹ̀wò lè má ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ ti ra abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ láti oṣù kẹjọ oyún, ó gbé e wá nínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn sì ti tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì. Áńtí-D kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni kó máa wà. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé e sí orí pátákó ilé tàbí sínú báàgì aṣọ ọmọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n gún un fún ìyá, wọ́n sì kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sí káàdì.

Abẹ́rẹ́ kan, ti máíkírógíráàmù 300, lè palẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó tó mílílítà 30 mọ́, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí ìjẹun ńlá méjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó ń ta wọlé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá fi ọwọ́ yọ ibi, tàbí tí ó jẹ́ ìbejì, ó lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò kan wà tó ń wọn iye tó ta wọlé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìyá nílò ju abẹ́rẹ́ kan lọ.

Bí wọ́n bá bí ọmọ sí ibi tí wọn kò ti lè mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní kí wákàtí 72 tó pé, kí wọ́n kà á sí pọ́sítíìfù, kí ìyá sì gba abẹ́rẹ́. Bí wákàtí 72 bá sì ti kọjá, ẹ má ṣe jókòó sílé pé ó ti bọ́. Agbára rẹ̀ ti dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè ṣe àǹfààní títí di ọjọ́ kẹwàá.

Bí ọmọ ogun bá ti wà nílẹ̀

Àwọn ìyá kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá abẹ́rẹ́ fún, nítorí pé ara wọn ti ṣe ọmọ ogun tẹ́lẹ̀. Ìrètí kò pin fún wọn, àmọ́ ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn àgbà dókítà wà ni ibi tiwọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Níbẹ̀, wọ́n á máa fi Kúúmùsì wọn iye ọmọ ogun náà léraléra. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, wọ́n á fi ẹ̀rọ síkáàní wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan kan ní ọpọlọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó máa ń fẹ́lẹ́, ó sì máa ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí ló ń sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó, láìfọwọ́ kàn án.

Níbi tí wọ́n bá ti ní irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára nígbà tó ṣì wà nínú oyún. William Liley ló kọ́kọ́ ṣe é ní Niú Sílándì ní 1963. Níbi tí kò bá sí èyí, wọ́n lè mú kí wọ́n bí ọmọ ṣáájú àkókò. Lẹ́yìn ìbí, wọ́n á gbé ọmọ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù tó ń jẹ́ kí bilirúbììnì lè bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde. Tí ó bá le jù, wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹ̀jẹ̀ nẹ́gẹ́tíìfù rọ́pò rẹ̀. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bímọ sí ilé tàbí sí ilé agbẹ̀bí, kódà bí ara rẹ̀ bá yá gágá, nítorí pé ara ìyá kì í fi nǹkan kan hàn. Ọmọ nìkan ló ń jìyà rẹ̀.

Ṣé ó yẹ kó da ìgbéyàwó rú?

Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí ló ń béèrè káàdì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nísinsìnyí kí wọ́n tó so yìgì. Àwọn òbí kan sì máa ń da nǹkan méjì pọ̀. AA, AS àti SS jẹ́ ọ̀rọ̀ àrùn fòníkú-fọ̀ládìde. Tí AS bá fẹ́ AS, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè dènà kí ọmọ má jogún rẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn kí wọ́n rò ó dáadáa. Rísọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí èyí. Ọmọbìnrin nẹ́gẹ́tíìfù lè fẹ́ ọmọkùnrin pọ́sítíìfù, kí wọ́n sì bí iye ọmọ tí Ọlọ́run bá fún wọn, bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣáájú tí wọ́n sì ń gba abẹ́rẹ́ lásìkò. Ìyẹn ni ìwúlò káàdì náà: kí tọkọtaya lè mọ̀ ṣáájú oyún àkọ́kọ́. Kò sí ìdí kankan láti fi tú àdéhùn ká. Bí ọkùnrin ló bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, tí ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ pọ́sítíìfù, kò sí ohun tí wọ́n nílò láti ṣe rárá nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kan tún kù fún ọmọbìnrin nẹ́gẹ́tíìfù, ìbáà ṣì jẹ́ ọmọdé. Kí ó mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Bí jàǹbá ọkọ̀ tàbí iṣẹ́ abẹ bá mú kí ó nílò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nẹ́gẹ́tíìfù ni kí wọ́n wá fún un. Ẹ̀jẹ̀ yìí kò pọ̀ nílẹ̀ wa, nítorí náà ó dára kí àwọn ẹbí tó jọ jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù mọ ara wọn, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Lálẹ́ òní, ẹ wá káàdì yín jáde. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ìparí ìlà ẹ̀jẹ̀. Bí ìyàwó bá jẹ́ "Neg", ẹ wo ti ọkọ. Bí ti ọkọ bá jẹ́ "Pos", ẹ kọ nǹkan mẹ́ta yìí sí ẹ̀yìn káàdì aláboyún: ọ̀sẹ̀ 28, ẹ̀jẹ̀ láti inú ìwọ́ lọ́jọ́ ìbímọ, wákàtí 72. Kí ìyá tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ọkọ bi nọ́ọ̀sì léèrè pé, "Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ọmọ wa ní, ṣé ẹ sì ti gún ìyá rẹ̀ lábẹ́rẹ́?" Kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ èsì méjèèjì.